Lẹ́tà kan, ilé iṣẹ́ púpọ̀: ìbéèrè tí ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́ ní Ìlọrin máa ń bi mí

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ aládàáni kan níbí kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní báyìí, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré ni mo ní ní Táńkè, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìlú tán ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá tẹ lẹ́tà. Ìbéèrè wọn jọra, ni mo bá kó wọn jọ. Ẹ má bínú pé "o" ni mò ń lò. Bí mo ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ lẹ́tà tìrẹ ránṣẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Tí ohun tí o fẹ́ sọ bá ti yé ọ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní í le.

Àlájà, ibi ogún ni mo fẹ́ kọ̀wé sí lóṣù yìí. Ṣé kí n kọ lẹ́tà ogún ni, àbí kí n kọ ẹyọ kan kí n máa yí orúkọ padà?

Méjèèjì kọ́. Tí o bá ń kọ lẹ́tà tuntun fún ibi kọ̀ọ̀kan, á ti rẹ̀ ọ́ kí o tó dé ìkarùn-ún. Èyí tí o kàn yí orúkọ inú rẹ̀ padà ńkọ́? Ẹni tó ń kà á á mọ̀.

Kọ lẹ́tà ìpìlẹ̀ kan tó ní ìpínrọ̀ mẹ́rin, tí kò ju ojú ìwé kan lọ. Ọ̀rọ̀ 250 sí 350 ti tó. Ìpínrọ̀ kìíní ń sọ iṣẹ́ tí o ń wá àti ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn. Ìkejì ń mú ẹ̀rí kan jáde pé o ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Ìkẹta ń sọ ohun tí o kọ́ níléèwé, ibi tí o ti ṣiṣẹ́ àti ohun tí o mọ̀ lò lórí kọ̀ǹpútà. Ìkẹrin ń sọ ìgbà tí o lè bẹ̀rẹ̀, ìlú tí o ń gbé, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè fi pè ọ́.

Ìkẹta àti ìkẹrin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ibì kan sí òmíràn. Kọ wọ́n dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí o fi wọ́n sílẹ̀. Ìkìíní àti ìkejì ni wàá máa tún kọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń hun òfì nílùú yìí á ti rí irú rẹ̀: òwú gbọọrọ tí wọ́n ta sílẹ̀ wà lójú kan, èyí tí wọ́n ń jù láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n lè máa pààrọ̀.

Báwo ni ẹni tó ń kà á ṣe ń mọ̀ pé lẹ́tà gbogbo ayé ni?

Àwọn gbólóhùn kan wà tí mo ti kà títí wọ́n fi sú mi. "Inú mi á dùn láti bá ilé iṣẹ́ yín tó lókìkí ṣiṣẹ́." A gba irú rẹ̀ nígbà tí a kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí a ṣílẹ̀kùn; òkìkí wo la ní nígbà náà? "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, olóòótọ́ ni mí, mo sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ mi." Kò sí ẹni tó máa kọ̀wé pé ọ̀lẹ ni òun, nítorí náà gbólóhùn yẹn kò yà ọ́ sọ́tọ̀ láàárín ẹnikẹ́ni.

Bí o ṣe lè dán an wò nìyí. Yọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà kúrò nínú ìpínrọ̀ kìíní, fi orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sí i. Tí gbólóhùn náà bá ṣì dúró láì mì, kò sọ nǹkan kan. Wo "Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé yín nítorí pé mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́." Ilé ìwé wo ni kò bá a mu? Ṣùgbọ́n wo "Mo rí i nínú ìkéde yín pé ẹ ń gbé owó ilé ìwé kúrò lórí káàdì wá sórí kọ̀ǹpútà, irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ṣe lọ́dún tí mo fi jẹ́ àgùnbánirọ̀." Gbé e lọ sí ilé ìwé kejì, ó di irọ́. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ la ń wá.

Má fi ìdánwò yìí da ara rẹ láàmú lórí ìpínrọ̀ kẹta àti ìkẹrin ṣá. Gbogbo ayé ló lè ka pé Gàá Àkànbí ni o ń gbé.

Ibo ni mo ti fẹ́ rí ohun tó jẹ́ tiwọn nìkan? N kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Inú ìkéde iṣẹ́ náà ni kọ́kọ́. Ẹ máa ń sáré kà á láti mọ owó oṣù àti ọjọ́ tó máa parí, lẹ́yìn náà ẹ ó pa á dé. Kà á lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà nínú iṣẹ́ náà, kí o tún fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun tí wọ́n sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó kọ ìkéde máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn ún. Tí "gbígba gbèsè" bá wà lókè, tó sì tún jáde nísàlẹ̀, gbèsè ló ń gbé wọn lọ́kàn, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Tí ìkéde náà bá kúrú jù, bí irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí tí wọ́n fi sórí WhatsApp pẹ̀lú ìlà méjì, wo ojú ìwé wọn lórí fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí kí o kọjá níwájú wọn. Ní Ìlọrin, ibi púpọ̀ ò ju owó kẹ̀kẹ́ kan lọ. Kí ni wọ́n ń tà? Ta ló ń wọlé síbẹ̀? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán? Ohun kan péré ló tó. Má kó gbogbo ìtàn wọn sínú lẹ́tà bí ẹni ń ki oríkì wọn; àwọn náà mọ ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹ fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Báwo ló ṣe rí gan-an?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní Pólì. Ó ti kọ̀wé síbi púpọ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é. Nígbà tó gbé lẹ́tà rẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀ ni "takuntakun" àti "olóòótọ́". Mo ní kó kọ́kọ́ pa á tì, kó jókòó kó sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe rí fún mi. A kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé, mẹ́rin ló jẹ́.

Àkọ́kọ́: nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan, ìwé owó wọn àti sítétímẹ́ǹtì báńkì ò bára mu, ₦46,500 ló fi yàtọ̀. Ó tò wọ́n ní ìlà-ní-ìlà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì rí i pé owó oníbàárà kan ni wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì: ní ilé ìwé tó ti jẹ́ àgùnbánirọ̀, ó kó orúkọ àwọn ọmọ tó jẹ gbèsè owó ilé ìwé sórí Excel, ó ń tẹ ìwé ìránnilétí fún àwọn òbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti 118, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí 41 kí táàmù tó parí. Ìkẹta: ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Ìpàta, òun ló ń pa ìwé àwìn mọ́ láti ìgbà tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ìkẹrin: lọ́dọ̀ onísìmẹ́ńtì yẹn kan náà, gbogbo Sátidé ló ń ka àpò tó wà ní sítọ́ọ̀, tó sì ń fi wé ohun tí wọ́n kọ pé àwọn tà.

Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí ò fi ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú lẹ́tà rẹ̀. Ó ní òun rò pé ti èlùbọ́ yẹn á tini lójú.

Ìkéde mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Báńkì maikirofáínáǹsì kan ní Ìlọrin ń wá ẹni tó máa bójú tó ẹ̀yáwó àwọn oníṣòwò ọjà. Ilé ìwé aládàáni kan ní Ọ̀fà ń wá igbákejì bọ́sà. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì kan lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo ń wá akọ̀wé sítọ́ọ̀. A ò kọ lẹ́tà mẹ́ta. A mú ìwé pélébé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun sì ni ìpínrọ̀ kejì.

Fún báńkì: "Láti ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ń pa ìwé àwìn mọ́ fún ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ ní Ìpàta. Mo mọ ọjọ́ tí owó máa ń wọlé fún àwọn obìnrin ọjà, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń sá fún yín lọ́jọ́ Ajé lè san lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn oníbàárà wa tó ń jẹ gbèsè, lẹ́sẹ̀ ni mo fi ń lọ bá wọn."

Fún ilé ìwé: "Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, mo kó orúkọ ọmọ 118 tó jẹ gbèsè owó ilé ìwé sórí Excel, mo sì ń kọ̀wé sí òbí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí táàmù máa fi parí, 41 ló kù. Kò sí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì nínú rẹ̀."

Fún ilé ìrẹsì: "Gbogbo Sátidé ni mo máa ń ka àpò sìmẹ́ńtì ní sítọ́ọ̀ tí mo ti kọ́ṣẹ́, tí mo sì ń fi iye rẹ̀ wé ìwé ìtajà. Tí wọn ò bá bára mu, ọjọ́ yẹn náà la máa ń wá a, a kì í jẹ́ kó di Sátidé kejì."

Wo ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ti ilé ìwé. Èmi ni mo ní kó fi kún un, torí mo mọ̀ pé ẹni tó ni ilé ìwé aládàáni ń wá owó rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé kí òbí má bínú mú ọmọ lọ. Ẹ̀rí tó bá kan ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù níyì ju èyí tó kan ń yangàn lọ. Ìtàn ₦46,500 ni a ò lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ òun ló dára jù létí. Kò bá ohun tí wọ́n béèrè mu, ó di ti ọjọ́ tí iṣẹ́ olùṣàyẹ̀wò owó bá jáde.

Ilé ìwé àti báńkì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ilé ìrẹsì ò dáhùn títí di òní.

Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí ọ̀kan gbà mí?

Lẹ́tà ìpìlẹ̀ àti àwọn ìwé pélébé rẹ lè gba ìrọ̀lẹ́ méjì, má kánjú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ogún ìṣẹ́jú ló yẹ kí ọ̀kan gbà: márùn-ún láti ka ìkéde kí o fàlà sí i, márùn-ún láti wá ohun kan tó jẹ́ tiwọn, méje láti kọ ìpínrọ̀ kìíní kí o sì mú ìwé pélébé tó bá a mu, mẹ́ta láti kà á sókè kí o tó fi ránṣẹ́. Tó bá ti ń kọjá ogójì, ó ní láti jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn ò bá àwọn ohun tí o ti ṣe rí mu, o wá ń fi ọ̀rọ̀ bo ihò. Fi í sílẹ̀, lọ sí òmíràn.

Fóònù nìkan ni mo ní. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí orúkọ ilé iṣẹ́ àná ò fi ní í wà nínú lẹ́tà òní?

Ìbéèrè yìí kàn mí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Nígbà tí mò ń wáṣẹ́, mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan, mo yí orúkọ wọn padà lókè, mo yí i padà nínú ìpínrọ̀ kìíní, mo gbàgbé ìlà tó gbẹ̀yìn. "Mo ń retí láti bá" orúkọ ilé iṣẹ́ kejì "ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́ tán ni mo rí i. Mo jókòó sójú kan, mo ń wo fóònù bí ẹni tí wọ́n jí lówó.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyí: lẹ́tà ìpìlẹ̀ kò gbọdọ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan nínú. Níbi tí orúkọ tàbí ohun mìíràn tó ń yí padà bá yẹ kó wà, fi àmì tí kò lè jọ ọ̀rọ̀ gidi síbẹ̀, báyìí:

```
##ILE-ISE##
##IPO##
##IDI##
##ERI##
```

Tí o bá ń lo Google Docs lórí fóònù, ṣí lẹ́tà ìpìlẹ̀, tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, lọ sí "Share & export", kí o yan "Make a copy". Ẹ̀dà yẹn ni wàá fọwọ́ kàn, má fọwọ́ kan ìpìlẹ̀. Tí o bá kọ ọ́ tán, padà sórí àmì mẹ́ta yẹn, yan "Find and replace", kí o wá `##`. Tí ó bá rí ẹyọ kan péré, o ò tíì parí. Lórí kọ̀ǹpútà, `Ctrl+F` ló ń ṣe irú rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àmì yìí ni pé tí o bá tilẹ̀ gbàgbé ọ̀kan, àṣìṣe ni ẹni tó ń kà á máa rí, kò ní í rí orúkọ ẹni tó ń bá a du oníbàárà.

Lẹ́yìn náà, fi ránṣẹ́ ní `.pdf`, kí ìlà má bàa fọ́ lórí fóònù ẹlòmíràn. Orúkọ rẹ àti iṣẹ́ náà ni kó wà lára fáìlì. Mo ti gba `letter final final 3` rí. Kí o tó tẹ ọfà ìfiránṣẹ́, ṣí fáìlì tí o so mọ́ ímeèlì náà gan-an, má ṣí èyí tí o rò pé o so.

Ọ̀rẹ́ mi ní Word lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ ogún sínú lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà.

Òótọ́ ni, ó wà lábẹ́ "Mailings". Ó dára fún ìwé ìpè ìgbéyàwó. Orúkọ àti àdírẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi í yí padà, kò ní í bá ọ yan ẹ̀rí, ẹ̀rí sì ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

N ò mọ orúkọ ọ̀gá tó máa kà á.

Pe nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn, kí ẹni tó gbé e dáadáa, kí o béèrè. Tí wọn ò bá sọ, kọ ọ́ sí ipò: ọ̀gá ilé ìwé, alábòójútó òṣìṣẹ́. Má méfò orúkọ, má sì méfò bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

N kò tíì ṣiṣẹ́ níbì kankan rí, Àlájà. Ìwé pélébé wo ni mo fẹ́ ní?

Kò sí ẹni tó jókòó síwájú mi tí a ò rí ó kéré tán méjì nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń béèrè nìyí: kí ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ tó jẹ́ pé tí ó bá bàjẹ́, ìwọ ni wọn á bá wí? Ọmọkùnrin kan láti Sààrẹ́ ní òun ò ní nǹkan kan. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lọ, ó jáde pé òun ló gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n fún ìrìn àjò kíláàsì wọn, tó bá awakọ̀ dúnàá dúrà, tó sì dá ₦300 padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí owó ṣẹ́ kù. Ìwé pélébé nìyẹn, ó sì lágbára: owó, ìdúnàá dúrà, ìṣirò tó jáde dọ́gba.

Kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun mẹ́ta: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n má ṣe dá nọ́ńbà kankan sílẹ̀ fúnra rẹ. Ibi tí wọ́n ti máa mú ọ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé 41 ni?" Ẹni tó ṣe é á dáhùn wéré. Mo ti rí ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn.

Ìgbà wo ni lẹ́tà ìpìlẹ̀ kan ò tó mọ́?

Nígbà tí o bá rí i pé ìpínrọ̀ kẹta náà ń fẹ́ kí o tún un kọ. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìṣirò owó, tó tún ń wá iṣẹ́ tíṣà, ìpìlẹ̀ méjì ló nílò. Mẹ́ta ni òpin. Lẹ́yìn ìyẹn, o ò tíì pinnu irú iṣẹ́ tí o ń wá.

Ti ìjọba, ọ̀tọ̀ ni. Níbi tí wọ́n bá ní kí o kún fọ́ọ̀mù lórí ayélujára, ohun tí fọ́ọ̀mù béèrè ni kí o fún wọn. Ìwé pélébé rẹ á ṣì wúlò níbi àpótí tí wọ́n bá ti ní kí o sọ nípa ara rẹ.

Tí o bá sì ti fi bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ tí fóònù ò dún, má kàn máa fi kún un. Kó gbogbo ìpínrọ̀ kìíní wọn síbì kan, kí o kà wọ́n léraléra. Tí wọ́n bá jọra wọn, ọwọ́ rẹ ti ń yára jù, o ti padà sí yíyí orúkọ láì fura. Tí wọn ò bá jọra, wo àwọn ìkéde náà fúnra wọn: bóyá ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè níbi gbogbo, ìwọ sì ní oṣù mẹ́fà. Lẹ́tà ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ilé ìwé kan ní kí n fi ọwọ́ kọ lẹ́tà náà. Ṣé mo lè ṣì lo ìpìlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ilé ìwé kan ṣì ń béèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ rí bí ọwọ́ rẹ ṣe rí. Parí i lórí fóònù kọ́kọ́, kí o wá dà á kọ sórí ìwé funfun tí kò nílà pẹ̀lú bírò dúdú tàbí búlúù, kí o fi ìwé onílà sábẹ́ rẹ̀ kó lè tọ́. Tí o bá ṣe àṣìkọ níbì kan, mú ìwé mìíràn, má fi funfun pa á. Ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó lọ fi sílẹ̀, torí wọ́n lè pè ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o sì gbọ́dọ̀ rántí ìwé pélébé tí o lò fún wọn.